Ẹ Bèèrè Ọjọ́ Náà Lọ́wọ́ Wọn

Ẹni tó bá fi káàdì báńkì ra ètò sọ́fítíwíà ọlọ́dọọdún ti fún ilé-iṣẹ́ tó ni ín ní àṣẹ méjì. Ó ti ní kí wọ́n gba owó ọdún kan, ó sì ti ní kí wọ́n tún yọ ti ọdún tó ń bọ̀ nígbà tí ọjọ́ bá pé, láìbéèrè lọ́wọ́ òun mọ́. Àṣẹ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Wọ́n á yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, wọ́n á gbà pé ó tán. Kò tíì tán. Áàpù ló kúrò, àṣẹ tó wà lórí káàdì ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Sọ́fítíwíà tó fi ń ṣírò owó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń gba 120 dọ́là lọ́dún, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2026 sì ni ọdún rẹ̀ yóò pé. Àdéhùn tó fọwọ́ sí sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ tún un san gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ó kéré tán, ní 30 ọjọ́ ṣáájú. Gbèdéke rẹ̀ kì í wá ṣe oṣù Kẹwàá mọ́, ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ni. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ní irú òfin yìí, àmọ́ inú àdéhùn nìkan lèèyàn ti lè mọ̀. Ó kọ ímeèlì rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, láti orí àdírẹ́ẹ̀sì tó fi forúkọ sílẹ̀, torí pé wọn kò ní dá a mọ̀ bó bá gba ibòmíràn wọlé. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, mi ò fẹ́ tún ètò ọlọ́dọọdún mi san mọ́ nígbà tó bá parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2026. Nọ́ńbà rìsíìtì mi wà nísàlẹ̀. Ẹ má ti àkáǹtì náà lónìí, n ó máa lò ó títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Ẹ kọ̀wé padà kí ẹ sọ ọjọ́ tó máa parí gan-an fún mi, kí ẹ sì jẹ́rìí sí i pé ẹ kò ní yọ owó kankan mọ́ lórí káàdì mi."

Gbólóhùn tó ní kí wọ́n má ti àkáǹtì náà lónìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tó bá kàn kọ ọ́ pé òun ò ṣe mọ́, wọ́n lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, kí oṣù kan àti díẹ̀ tó ti sanwó rẹ̀ wọmi, kí ìwé ìṣirò rẹ̀ sì há sínú rẹ̀. Ètò ọlọ́dọọdún tí wọ́n ń san lóṣooṣù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹni tó bá já a láàárín ọdún lè san owó ìtanràn. Lórí irú owó yìí ni àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà fi pe Adobe lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹfà 2024, wọ́n ní ó fi í pa mọ́ fún àwọn oníbàárà. Adobe ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Èsì àkọ́kọ́ máa ń tètè dé: "A ti rí ìwé yín gbà." Ẹ̀rọ ló fi ìyẹn ránṣẹ́, kò sì fi nǹkan kan múlẹ̀. Èsì kejì lè jẹ́ ti òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹ̀dínwó bẹ obìnrin yìí kó má lọ. Kó dúpẹ́, kó sì tún ìbéèrè rẹ̀ béèrè lórí ímeèlì kan náà. Èsì tó tó gbà ni èyí tó dárúkọ ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, tó sì sọ pé wọn kò ní yọ owó mọ́. Ohun tó wà ní ojú ìwé àkáǹtì náà yóò yí padà pẹ̀lú: ibi tí `Renews on` wà tẹ́lẹ̀ yóò di `Expires on` tàbí ohun tó jọ ọ́. Kó ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́.

Bó bá jẹ́ pé Google Play tàbí App Store lèèyàn ti ra ètò náà, ímeèlì sí ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà kò lè dá owó dúró. Ibi tí wọ́n ti rà á gan-an ni wọ́n ti ń pa á.

Bí wọ́n bá ṣì yọ owó náà, ìwé tó ní ọjọ́ nínú yìí lẹ máa mú lọ bá báńkì yín, òun náà lẹ máa mú lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti máa gbèjà àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà. Ẹ ṣí rìsíìtì èyí tí ẹ ń lò lónìí, kí ẹ wo ọjọ́ tí ọdún rẹ̀ máa pé.