Pípo Ìpara Méjì Tí Agbára Wọn Yàtọ̀

Dókítà fẹ́ 60 gíráàmù ìpara haidirokọtísóònù tó lágbára ìdá 2 nínú 100, ṣùgbọ́n ti ìdá 1 àti ti ìdá 2.5 ló wà lọ́wọ́ apòògùn. Yóò wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí 2: èyí tó kéré fi 1 jìnnà, èyí tó lágbára fi 0.5. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà rèé: ìjìnnà ti ọ̀kan ni ìwọ̀n èkejì. Nítorí náà, 40 gíráàmù ti 2.5 ni yóò fi po 20 ti 1.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn gidi inú 40 jẹ́ gíráàmù 1, ti inú 20 jẹ́ 0.2. Àpapọ̀ 1.2 nínú 60 jẹ́ ìdá 2 gééré. Bó bá ṣì wọ́n gbé fún ara wọn, ìdá 1.5 ni yóò jáde, ojú lásán kò sì ní mọ̀ ọ́n.