Bí Akẹ́kọ̀ọ́-Olùkọ́ Bá Ń Wo Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Níwájú Kíláàsì

Ẹni tó bá ti gba kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kọjá mọ irú fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó fi wo ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ni. Ìlà rẹ̀ máa ń pọ̀: ìmúra, ohùn, ìmọ̀ iṣẹ́, lílo pátákó, ìkóníjàánu. Wọ́n á ní kí ẹni tó ń wò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Nígbà tó bá fi parí, ohun tí yóò wà nísàlẹ̀ ìwé kò ní ju "O ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n gbé ohùn sókè díẹ̀" lọ. Kí ni tíṣà tuntun fẹ́ fi ìyẹn ṣe lọ́jọ́ kejì? Iṣẹ́ alábòójútó ni kó fúnni ní máàkì. Ohun tí ẹgbẹ́ ẹni ní yàtọ̀: ó rí ohun tí ẹni tó ń kọ́ni kò lè rí, nítorí pé ẹni yẹn ń kọ̀wé sí pátákó, ó sì tún ń ronú ohun tí yóò sọ tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ìwé àkíyèsí láàárín ẹgbẹ́ kì í gùn. Ojú ewé kan ti tó. Fa ìlà sí àárín rẹ̀. Apá òsì ni kí o kọ ohun tí ojú rẹ rí àti ohun tí etí rẹ gbọ́ sí, pẹ̀lú àkókò tó ṣẹlẹ̀. Apá ọ̀tún ni ti ìbéèrè tó bá wá sí ọ lọ́kàn. Ìdájọ́ kò ní àyè lórí ìwé yìí. Bí o bá bá "ó dára" tàbí "kò já fáfá" ní apá òsì, fagi lé e, kí o bi ara rẹ léèrè ohun tí o rí tí o fi sọ bẹ́ẹ̀. "Àwọn ọmọ kò fọkàn sí ẹ̀kọ́," ìdájọ́ nìyẹn. "Aago 9:20, ọmọ mẹ́fà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ń ya àwòrán sínú ìwé wọn," ohun tí o rí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè bá ọ jiyàn lé e lórí.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Gba nóòtù ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí o ka ohun tó kọ pé àwọn ọmọ yóò lè ṣe nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Lẹ́yìn náà, bi í ní ohun tó fẹ́ kí o bá òun ṣọ́. Èyí tó bá sọ ló máa kọ́kọ́ wà lórí ìwé rẹ. Ẹ̀gbẹ́ ògiri, lápá iwájú, ni kí o jókòó sí, níbi tí o ti lè rí ojú àwọn ọmọ. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá kò lè rí ju orí lọ.

Nínú gbogbo ohun tí a lè ṣọ́, mẹ́ta ni mo gbà pé ó ń so èso jù fún olùkọ́ tuntun: ta ni ìbéèrè ń kàn, báwo ni tíṣà ṣe ń dúró pẹ́ tó lẹ́yìn ìbéèrè, àti kí ni tíṣà ń ṣe sí ìdáhùn tó kù díẹ̀ káàtó. Ti ìdúró yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, rí i nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1974 pé ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni tíṣà sábà máa ń dúró kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn tíṣà náà dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn ọmọ tó sì ń dáhùn láìjẹ́ pé a pè wọ́n pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ ìṣirò kan ní Praímárì Kẹrin ṣe àpẹẹrẹ. Ìṣẹ́jú 35 ni iṣẹ́ náà. Ohun tó wà nínú nóòtù ni pé àwọn ọmọ yóò lè sọ èyí tó tóbi jù láàárín 1/3 àti 1/4. Ẹni tó ń wò ya ìlà bẹ́ǹṣì mẹ́fà sórí ìwé rẹ̀. Bí tíṣà bá bi ọmọ kan ní ìbéèrè, yóò sàmì síbi tí ọmọ náà jókòó sí. Bí gbogbo kíláàsì bá pa ohùn pọ̀ dáhùn, yóò kọ G sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Nígbà tí aago lù, ìbéèrè 31 ló wà lórí ìwé. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ló jẹ́ G, èyí tó pọ̀ jù sì ni "Ṣé ó yé yín?" tí kíláàsì fi "Yẹ́ẹ̀sì, mà!" dá lóhùn. Nínú 12 tó kù, mẹ́sàn-án kan bẹ́ǹṣì méjì iwájú, mẹ́ta kan àárín, kò sì sí ẹyọ kan tó dé bẹ́ǹṣì méjì ẹ̀yìn.

Ní aago 9:17, ọmọkùnrin kan ní 1/4 ló tóbi jù. Tíṣà ní, "Rárá. Ta ló mọ̀ ọ́n?" Ọmọbìnrin kan níwájú ní 1/3 ni, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, iṣẹ́ tẹ̀ síwájú. Ẹni tó ń wò kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Sí apá ọ̀tún, ó kọ ọ́ pé: "Kí ni ọmọ yẹn ń rò?" Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ kíláàsì tán, ó wo ìwé ọmọ márùn-ún lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, lẹ́yìn tó ti gba àṣẹ. Mẹ́rin nínú wọn kọ ọ́ pé 1/4 ló tóbi jù. Nítorí pé 4 ju 3 lọ ni, ohun tí ọmọkùnrin àkọ́kọ́ náà ń rò nìyẹn. Ariwo "Yẹ́ẹ̀sì, mà" ti bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí ọmọ ilé-ìwé kankan kò ti lè gbọ́. Kí ẹni tó kọ́ni kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí i lójú ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀, kí o dákẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ kà á. Wàá rí i pé ọ̀pọ̀ ni yóò fúnra wọn sọ pé, "Háà, mi ò dé ẹ̀yìn rárá!" Dárúkọ ohun kan tó ṣiṣẹ́, kí o sì fi ẹ̀rí gbè é: pé àwọn ọmọ iwájú fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rí ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, ohun kan ṣoṣo láti yí padà. Nínú àpẹẹrẹ wa, ohun tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lé lórí ni pé lọ́la, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ká bébà méjì tó dọ́gba, ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́ta, èkejì sí ọ̀nà mẹ́rin, kó gbé ẹyọ kan lé ẹyọ kan, kí tíṣà tó béèrè èyí tó tóbi. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni yóò sì kọ́kọ́ pè. Ohùn àti àṣà ìpàtẹ́wọ́ lè dúró di ìgbà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ àgbà tún wà níbẹ̀. Nínú kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹgbẹ́ ẹni nínú ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ìyálé ilé tó ju ẹni lọ ní ọdún mẹ́wàá. Ojú á máa tini láti sọ̀rọ̀, ìyìn asán á sì gba ipò òtítọ́. Ìwé náà ń gbà wá níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo àwọn àmì yìí" rọrùn láti sọ ju "ẹ kò bi àwọn ọmọ ẹ̀yìn" lọ, òótọ́ kan náà sì ni.

Má fi iṣẹ́ kan ṣoṣo pe ẹnikẹ́ni ní tíṣà rere tàbí tíṣà búburú. Ara àwọn ọmọ kì í balẹ̀ tí àlejò bá jókòó tì wọ́n, ẹni tó ń wò náà sì máa ń fẹ́ kí gbogbo ènìyàn kọ́ni bí òun ṣe ń kọ́ni. Wíwò ẹlẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú kíláàsì kan náà àti ìlà bẹ́ǹṣì kan náà, ló lè fi hàn bóyá àwọn àmì ti ń dé ẹ̀yìn. Tí ẹ bá parí ọ̀rọ̀, má gbé ìwé náà fún alábòójútó, má sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù rẹ. Fi lé ẹni tó kọ́ni lọ́wọ́: òun ló ni ín.