Kí Ló Dé Tí Orúnkún Asáré Fi Ń Dùn Tó Bá Ń Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Àtẹ̀gùn?

Ẹ máa rí ẹni tó ń sáré ìdárayá déédéé, tó gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sókè láìmí gúlegúle, àmọ́ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á di ògiri mú. Iwájú orúnkún ló ń dùn ún. Tí ẹ bá ní kó fi ìka tọ́ka sí ojú ibẹ̀ gan-an, kò ní rí ìka kan lò, àtẹ́lẹwọ́ ló máa fi bo gbogbo iwájú orúnkún, á ní, "Àgbègbè ibí yìí náà ni." Tó bá jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó tún di kó máa na ẹsẹ̀ kiri.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé egungun rẹ̀ ti ń jẹ, kó jáwọ́ nínú eré. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orúnkún náà ná.

Egungun róbótó kan wà níwájú orúnkún. Iṣan ńlá tó wà níwájú itan so mọ́ ọn lókè, okùn iṣan mìíràn sì so ó mọ́ egungun ojúgun nísàlẹ̀. Nígbàkigbà tí orúnkún bá tẹ̀, tí iṣan itan sì ń ṣiṣẹ́, ṣe ni wọ́n ń fa egungun róbótó yìí mọ́ egungun itan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí orúnkún bá ṣe tẹ̀ tó, tí iṣan sì fà tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtẹ̀mọ́ra náà ṣe máa pọ̀ tó. Tí èèyàn bá ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́, kò tó nǹkan. Lórí àtẹ̀gùn, ó lè tó ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ara gbogbo.

Kí wá nìdí tí sísọ̀kalẹ̀ fi burú ju gígùn lọ? Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó kù lẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn òkè ló ń ṣe iṣẹ́ búréèkì. Òun nìkan ló gbé gbogbo ara, orúnkún rẹ̀ sì ń tẹ̀ síwájú sí i títí ẹsẹ̀ kejì á fi kan ilẹ̀. Iṣan itan ń nà, síbẹ̀ ó ń di ẹrù mú kó má baà já lulẹ̀, bíi dírẹ́bà tírélà tó ń tẹ búréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìgbà tí orúnkún tẹ̀ jù náà ni ẹrù wà lórí rẹ̀ jù. Ẹ dán an wò lónìí, kí ẹ sì fiyè sí i: ẹsẹ̀ tó wà lókè ló máa ń dùn, kì í ṣe èyí tó ń balẹ̀.

Eré sísá náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ tiẹ̀ pọ̀ ní iye. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú 35 sá kìlómítà 5, tó ń gbé ẹsẹ̀ ní ìgbà 160 láàárín ìṣẹ́jú kan, ti gbé e ní ìgbà 5,600. Ìyẹn jẹ́ 2,800 fún orúnkún kọ̀ọ̀kan. Orúnkún lè gbà á, tí a bá fún un láyè kó mọ́ ọn lára. Ohun tí kì í fẹ́ ni kí ẹrù dédé pọ̀ lójijì. Nígbà náà, ó máa ń di ẹlẹgẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe lórí nǹkan tí kì í kígbe lé tẹ́lẹ̀, irú bí àtẹ̀gùn ilé. Ẹ lè ya àwòrán egungun kí wọ́n má rí nǹkan kan níbẹ̀. Ariwo "kẹ́kẹ́kẹ́" tí àwọn kan ń gbọ́ nínú orúnkún, tí kò bá ti mú ìrora dání, kì í ṣe àmì pé nǹkan ti bàjẹ́.

Àbúrò kan wà n'Íbàdàn, ẹ jẹ́ ká pè é ní Bọ́lá, ẹni ọdún 41, olùkọ́ ni. Fún oṣù márùn-ún, ó ń sá kìlómítà 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15, kò sí wàhálà kankan. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ó gbọ́ nípa eré kìlómítà 10 tó máa ń wáyé l'Ékòó nínú oṣù Èrèlé, ló bá múra sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé e dé 20, ó di 25, ó di 30. Ó tún fi gígun Òkè Máàpó kún un láràárọ̀ Sátidé, ó sì ń sá eré àsápajúdé ní Wẹ́sìdeè. Lọ́sẹ̀ kẹrin, kò lè sọ̀ kalẹ̀ láti kíláàsì òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìdi irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú.

Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kúkú jáwọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá o. Má jáwọ́, má sì fi orí kunkun sá a. Àárín méjèèjì la máa rìn."

Ẹ wo bó ṣe jẹ́: jíjìn, òkè àti ìyára, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni, ó ṣeé ṣe kí orúnkún náà fara dà á.

Ìdí tí mi ò fi ní kó sinmi pátápátá ni pé ẹni tó bá jókòó fún oṣù kan, agbára orúnkún rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Tó bá wá padà sórí 5 tó ń sá tẹ́lẹ̀, ẹrù ti tún ju agbára lọ nìyẹn. Ní Yunifásítì Laval ní Kẹ̀bẹ́ẹ̀kì, orílẹ̀-èdè Kánádà, Jean-François Esculier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín asáré 69 tó ní irú ìrora yìí sí ọ̀nà mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Wọ́n kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe máa ṣètò ẹrù eré wọn. Wọ́n fi eré ìdárayá afúniṣanlókun kún ti àwọn kan, wọ́n sì kọ́ àwọn mìíràn bí wọ́n ṣe máa yí ìṣísẹ̀ wọn padà. Ọdún 2018 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Ara gbogbo wọn yá sí i, kò sì sí ẹgbẹ́ kan tó fi bẹ́ẹ̀ ta yọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìmọ̀ nípa ẹrù gan-an ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ìlànà tí wọ́n fún wọn kò le. Ẹ fi nọ́ńbà 0 dé 10 wọn ìrora: 0 ni kò sí rárá, 10 ni èyí tí kò ṣeé fara dà. Tí ẹ bá ń sáré, kó má kọjá 2, ìyẹn ni pé ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò yí ìrìn yín padà. Tí ẹ bá sì parí, kó padà sí bó ṣe wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 60. Mo máa ń fi àtẹ̀gùn àárọ̀ ọjọ́ kejì kún un. Tó bá dùn ju ti àná lọ, a jẹ́ pé eré àná ti pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ má lo oògùn apàrora kí ẹ tó sáré o, ó máa pa ẹnu ẹni tó fẹ́ kìlọ̀ fún yín ni. Ní ti àbóníkì, ó ń mú awọ ara gbóná, kò kan ẹrù.

Bọ́lá kọ́kọ́ sá díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́, ó rọra sá a, ká lè mọ ibi tó dé. Ní kìlómítà 3, ìrora wà ní 2. Ní 4, ó ti di 4. A bá bẹ̀rẹ̀ láti 2.5, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó di 10 lápapọ̀. Tó bá sáré ìṣẹ́jú márùn-ún, á rin ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣàkíyèsí pé a dín gígùn rẹ̀ kù, àmọ́ a fi ọjọ́ kan kún un. Orúnkún máa ń fẹ́ràn díẹ̀díẹ̀ léraléra ju rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan lọ. Kò sí òkè, kò sí àsápajúdé.

Lọ́jọ́ kẹta ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìrora kò lọ títí di alẹ́. Kì í ṣe eré ló fà á. Ó lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì gun àtẹ̀gùn àìmọye pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Orúnkún kò mọ̀ bóyá ìdárayá lẹ ń ṣe tàbí ọjà lẹ ń ná, ẹyọ kan ṣoṣo ni ìṣirò rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kejì dúró sí 10. Ìkẹta di 12, ìkẹrin 14, ìkarùn-ún 16. Lọ́sẹ̀ kẹfà, àpapọ̀ kò yí padà, àmọ́ ó pín in sí 5, 3, 5, 3, kí ọjọ́ kan lè gùn kí èyí tó tẹ̀ lé e sì kúrú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹjọ fi máa dé, ó ti dé 18, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti kíláàsì láìdi nǹkan kan mú. Eré Èkó ti kọjá lọ, kò sá a. Lẹ́yìn náà ló tó padà sí Máàpó: ó ń sáré gùn ún, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀. Ìyára la fi kẹ́yìn.

Ohun kan wà tó ń dín ẹrù kù lójú ẹsẹ̀, òun náà ni kí ẹ kúrú ìṣísẹ̀ yín. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ilẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Ti Bọ́lá jẹ́ 39, ìyẹn 156 láàárín ìṣẹ́jú kan. A gbé e dé nǹkan bíi 165, láìfi ìyára kún un. Ẹsẹ̀ á máa balẹ̀ nítòsí ara, orúnkún kò sì ní tẹ̀ púpọ̀ tó bá balẹ̀. Àmọ́ ojúgun àti kókósẹ̀ á gba díẹ̀ lára iṣẹ́ náà, torí náà ẹ má ki àṣejù bọ̀ ọ́.

Ní ti ìdárayá afúniṣanlókun, ó dára fún iwájú itan àti ìdí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó-dìde lórí àga ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́ kí orúnkún lè yá kíákíá, ẹrù ni ìyẹn náà o! Òfin 2 àti ìṣẹ́jú 60 kàn án.

Gbogbo èyí kò bá ti ẹni tí orúnkún rẹ̀ wú mu, tàbí tó há tí kò ṣeé nà, tàbí tó ń yẹ̀ lójijì, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú. Kò bá ti ẹni tí ìrora ń jí lójú oorun tàbí tí ibà bá a dé náà mu. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, torí pé egungun ìgbáròkó lè bàjẹ́ lára wọn, kó sì jẹ́ orúnkún ni wọ́n ti máa gbọ́ ìrora rẹ̀. Tí yíyí ẹsẹ̀ sínú bá ń dùn ní ojúgbò itan, ìgbáròkó ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.