Kílò kan igi, kílò kan èédú: èwo ló ní ooru jù?

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ń ra iṣu lọ́jà, ẹ kì í wo bí ó ṣe tóbi nìkan. Ẹ máa ń wò ó bóyá ó ti jẹrà nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a máa wo ohun tí a fi ń dáná. Ìdì igi méjì lè tóbi bákan náà, kí ọ̀kan tètè mú omi hó, kí èkejì máa rú èéfín sí wa lójú.

Báwo ni a ṣe ń mọ iye ooru?

A kò lè gbé ooru ka orí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n a lè béèrè báyìí pé: bí gbogbo ooru tó wà nínú igi kílò 1 bá wọ inú omi tútù, tí kò sí èyí tó ṣòfò, lítà omi mélòó ni yóò mú hó? Iye yẹn ló ń fi agbára ooru igi náà hàn wá. Àwọn onímọ̀ ń fi mẹgajúùlù ka ooru. Mẹgajúùlù 1 lè mú omi tó lítà 3 hó. Nínú ìwé yìí, lítà omi ni a ó máa kà.

Ẹ wo ohun tí kílò 1 lè ṣe:

Igi tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé: bíi lítà 25.
Igi gbígbẹ: bíi lítà 47.
Lẹ́búlẹ́bú pákó tí a tẹ̀ pọ̀ di líle: bíi lítà 50.
Lẹ́búlẹ́bú èédú tí a tẹ̀ pọ̀: láti lítà 60 dé 75.
Èédú inú ilẹ̀ tó dára: láti lítà 80 dé 90.
Èédú igi tó dára: bíi lítà 90.

Èédú inú ilẹ̀ kì í ṣe èédú tí à ń sun lóko. Òkúta dúdú ni, tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní Enúgu, ní Nàìjíríà, ní ọdún 1915. Èéfín rẹ̀ burú. Kò yẹ kí a fi í dáná lórí ààrò inú ilé.

Omi ni ó ń jẹ ooru igi

Kí ló dé tí igi tútù fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé ìlàjì rẹ̀ lè jẹ́ omi. Bí iná bá ràn, omi yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbẹ, yóò sì bá èéfín lọ. Omi lítà 1 tó wà nínú igi ń jẹ ooru tí ìbá mú omi lítà 8 hó nínú ìkòkò wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tí ó ra igi tútù kílò 10. Bí ó bá dá a lójú ẹsẹ̀, ooru inú rẹ̀ tó fún omi lítà 250. Ṣùgbọ́n ká ní ó la igi náà, ó tò ó sórí òkúta kí ó má baà kan ilẹ̀, ó sì fi í síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí òjò kò ti lè pa á. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá fi máa parí, igi náà yóò ku kílò 6. Omi kílò 4 ti lọ. Kílò 6 yìí ní ooru tó tó fún omi lítà 282. Ìwúwo rẹ̀ dín, ooru rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Oòrùn àti ọyẹ́ ló ṣe iṣẹ́ náà, kò san owó kankan.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé igi ti gbẹ? Ẹ wọn ìdì kan, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún un wọ̀n. Bí ìwúwo rẹ̀ kò bá dín mọ́, ó ti gbẹ. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ẹ lu igi méjì mọ́ra. Èyí tó gbẹ máa ń dún ko, ojú ibi tí a ti gé e sì máa ń sán. Igi tútù kì í dún dáadáa, bí ó bá sì ń jó, ìdí rẹ̀ máa ń yọ fóòmù.

Àwọn kan máa ń sọ pé àyìn lóoru ju àràbà lọ. Bí a bá fi ìdì wé ìdì, òótọ́ ni, nítorí àyìn wúwo. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá gbẹ, kílò 1 àyìn àti kílò 1 àràbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ṣé kí a sọ gbogbo igi di èédú?

Kílò 1 èédú ní ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti igi gbígbẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi ń kó o láti ọ̀nà Sábẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Àpò kan ń gbé ooru púpọ̀, kò sì ní èéfín.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí èédú ti wá. Bí a bá bo igi mọ́ inú ilẹ̀ láti sun ún, a lè nílò igi kílò 6 kí a tó rí èédú kílò 1. Igi kílò 6 ní ooru omi lítà 282. Èédú kílò 1 tó jáde ní lítà 90 péré. Lítà 192 yòókù ti jóná lóko.

Ẹnì kan lè sọ pé ìkòkò kì í gba gbogbo ooru. Òótọ́ ni. Lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń wọ inú ìkòkò. Ooru igi kílò 6 yóò mú lítà 28 hó. Ìdáná èédú ń fún ìkòkò ní bíi ìdá méjì nínú mẹ́wàá. Èédú kílò 1 yóò mú lítà 18 hó. Igi ṣì ṣe jù. Bí a bá sì fi amọ̀ mọ ààrò yí ìkòkò ká, kí afẹ́fẹ́ má baà gbá iná lọ, igi kan náà lè mú ju lítà 28 lọ hó.

Nítorí náà, ẹni tó ń gbé nítòsí igi, igi gbígbẹ àti ààrò amọ̀ ló sàn fún un. Ẹni tó ń sanwó ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni èédú ń ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá èédú nínú yàrá tí a ti pa ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ dé. Kò ní èéfín, àmọ́ ó ní atẹ́gùn olóró tí ojú kò rí, tí imú kò sì lè gbóòórùn. Ó ń pa ènìyàn lójú oorun.

Kí eérú má baà tàn wá jẹ

Lẹ́búlẹ́bú èédú tó ń kù nísàlẹ̀ àpò kò yẹ kí a dà nù. A lè fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a rò bí ẹ̀kọ pò ó, kí a tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí a sì sá a títí yóò fi gbẹ dénú. Àwọn mìíràn ń fi amọ̀ pò ó. Amọ̀ kì í jó. Bí amọ̀ gíráàmù 300 bá wà nínú kílò 1, gíráàmù 700 péré ni ohun tó lè jó.

Kí ẹ tó ra púpọ̀, ẹ ra kílò 1, kí ẹ dá a títí yóò fi kú, kí ẹ sì wọn eérú rẹ̀. Bí eérú náà bá tó gíráàmù 300, amọ̀ tàbí yanrìn ni ẹ fi owó yín rà.

Ìbéèrè

1. Igi tútù kílò 20, lítà omi mélòó ni ooru rẹ̀ lè mú hó?
2. Kí ló dé tí igi gbígbẹ kílò 6 fi ní ooru ju igi tútù kílò 10 lọ?
3. Ẹ wọn ìdì igi kan nílé lónìí, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Omi kílò mélòó ló ti lọ?