Ọjọ́ Tí Ọba Faransé Já Bọ́ Lẹ́ṣin ní Páfíà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1525, Fránsíìsì Kìíní, ọba ilẹ̀ Faransé, gun ẹṣin rẹ̀ jáde nínú ọgbà ìṣọdẹ ńlá kan lẹ́bàá ìlú Páfíà ní àríwá Ítálì. Irin ló wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn ìjòyè tó tẹ̀ lé e náà wọ irin bẹ́ẹ̀, kálukú pẹ̀lú ọ̀kọ̀ rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, ọba fúnra rẹ̀ sì ti di òǹdè.

Irú àwọn ẹlẹ́ṣin ẹlẹ́wù irin yìí ni wọ́n ń bẹ̀rù jù lójú ogun Yúróòpù fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Ẹ̀wù irin odindi máa ń wúwo tó kílò 20 sí 25, ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pín ìwúwo yẹn kiri ara, débi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ lè sáré, ó sì lè gun ẹṣin láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé e. Owó ńlá ló ń ná, ẹṣin ogun náà kì í ṣe ohun tálákà. Láti kékeré ni ọmọ ìjòyè ti ń kọ́ iṣẹ́ náà.

Ìbọn kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà wọ́n. Àwọn tafàtafà Gẹ̀ẹ́sì ti pa wọ́n lọ́pọ̀ ní Kírésì lọ́dún 1346, ọ̀kọ̀ gígùn àwọn ará Súwísì sì ti dá ẹṣin wọn dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni èèyàn fi ń kọ́ ọfà títa. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó láti kọ́ ọmọ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yin ìbọn, lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Àkébúsì ni wọ́n ń pe ìbọn ìgbà náà. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta òjé sí i, bíi ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa, àmọ́ okùn tó ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń tan iná sí ẹ̀tù rẹ̀. Òjò lè pa okùn náà. Bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yìnbọn sí bá ju mítà 100 lọ, ó ṣòro kí ọta tó bà á. Kíki rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sì lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, àkókò tí ẹṣin yóò fi sáré dé ọ̀dọ̀ oníbọn kó tó tún ìbọn rẹ̀ ki. Nítorí náà, oníbọn nílò ohun tí yóò fi ara pamọ́ sí. Ní Séríńyólà lọ́dún 1503, yàrà ni Gọ̀ńsálò, balógun Sípéènì, gbẹ́ síwájú àwọn oníbọn rẹ̀. Níbi tí àwọn Faransé ti dúró tí yàrà yìí ni ìbọn ti pa ọ̀gágun wọn, Ọmọ-ọba Nẹ̀múù.

Ní Páfíà, igbó ló ṣe iṣẹ́ yàrà. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1524 ni Fránsíìsì ti dó ti ìlú náà. Àwọn ọmọ ogun Ṣáàlì Karùn-ún, ọba Sípéènì àti olú-ọba Jámánì, fi òru wó ògiri ọgbà ìṣọdẹ, wọ́n sì wọlé nínú kùrukùru òwúrọ̀. Àgbá Faransé kọ́kọ́ bà wọ́n jẹ́. Ọba rò pé ogun ti ṣẹ́, ó kó àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀, ó rọ́ lu ẹlẹ́ṣin ọ̀tá, ó sì tú wọn ká. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́ síwájú àgbá tirẹ̀. Àwọn tó ń yìn ín kò lè yìn ín mọ́, kí wọ́n má baà pa ọba wọn. Ẹsẹ̀ ẹṣin ti dá dúró nígbà yẹn, ìlà wọn sì ti tú. Pẹ́sìkárà, balógun Sípéènì, kó àwọn oníbọn rẹ̀ sí etí igbó, wọ́n sì ń yìn wọ́n nítòsí, tí àwọn ọlọ́kọ̀ gígùn ń tì wọ́n lẹ́yìn. Nítòsí bẹ́ẹ̀, ọta a máa la ìgbàyà kọjá. Wọ́n yìnbọn pa ẹṣin ọba lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ jà títí wọ́n fi mú un. Ọjọ́ yẹn ni Ṣáàlì pé ọmọ ọdún 25.

Àwọn ẹlẹ́ṣin yìí kò parẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń mú ìgbàyà nípọn sí i kí ọta má baà wọlé, àmọ́ bí ó ṣe ń nípọn ló ń wúwo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ irin ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ẹṣin lè rù wọ́n. Ọ̀pọ̀ ju ọ̀kọ̀ nù, wọ́n mú ìbọn kékeré. Ní Kútúrà lọ́dún 1587, ẹlẹ́ṣin oníbọn kékeré ló ṣẹ́gun ẹlẹ́ṣin ọlọ́kọ̀ ti ọba Faransé.

Lára ọ̀pọ̀ ìgbàyà tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù lónìí, ẹ óò rí ojú kan tó tẹ̀ wọnú. Alágbẹ̀dẹ ló fúnra rẹ̀ yìnbọn sí i kó tó tà á, kí olówó lè rí i pé ọta kò wọlé.