Ghana: Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ sẹfitiráásónì kò fi ran ọ̀pọ̀ kòkòrò mọ́, báwo sì ni ilé ìwòsàn ṣe ń yan oògùn tó kàn?

Ní Adabraka, láàárín ìlú Accra, aláìsàn kì í rìn jìnnà kó tó rí ibi ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ládùúgbò náà, ilé ìwòsàn ńlá ti Ridge kò sì jìnnà sí i. Àmọ́ dókítà tó bá rí aláìsàn tí ibà mú, tí ìtọ̀ sì ń ta á, máa ń bá ìṣòro kan pàdé: àyẹ̀wò tó máa sọ irú kòkòrò tó wà lára aláìsàn náà, àti oògùn tó lè pa á, máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Aláìsàn kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, àbá ni oògùn apakòkòrò àkọ́kọ́ tí dókítà bá kọ. Ohun tó lè mú kí àbá náà bọ́ sí i ni àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó ti ṣe àyẹ̀wò ṣáájú.

Kí ni àkọsílẹ̀ Ghana sọ?

Lọ́dún 2011, Mercy Newman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn kòkòrò tí wọ́n rí ní yàrá àyẹ̀wò káàkiri Ghana. Nínú kòkòrò 100 tí wọ́n yẹ̀ wò, oògùn ampisílíìnì kò ran nǹkan bí 76, tẹtirasáíkílíìnì kò sì ran nǹkan bí 82. Oògùn tó wọ́pọ̀ tí kò sì wọ́n ni àwọn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti lò wọ́n fún ọdún gbọọrọ.

Nígbà náà, sẹfitiráásónì ṣì múná dóko. Kòkòrò tó ń borí rẹ̀ kò ju bíi mẹ́fà lọ nínú 100. Òun ni àwọn dókítà wá sá tọ̀.

Nígbà tó fi máa di ọdún 2015, tí Japheth Opintan, Newman àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí míì jáde láti ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ní Ghana, nǹkan ti yí padà. Ó ju ìdajì àwọn kòkòrò tí wọ́n yẹ̀ wò tó ti ń borí oògùn ìdílé sẹfitiráásónì.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé wa. Kòkòrò kan bíi E. kólì lè máa ṣe èròjà kan tó ń gé oògùn náà sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Bí a bá lo oògùn náà, àwọn kòkòrò tí kò ní èròjà yìí á kú, àwọn tó ní in á ṣẹ́ kù, wọ́n á sì máa bí sí i. Wọ́n tún lè fún kòkòrò mìíràn ní àṣírí bí wọ́n ṣe ń ṣe èròjà náà. Bí a bá ṣe ń lo oògùn kan tó ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Báwo ni èsì àyẹ̀wò ṣe ń di ìlànà?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kan rí E. kólì nínú ìtọ̀ ní ìgbà 150 láàárín ọdún kan. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti yọ àsọtúnsọ kúrò. Aláìsàn kan tó pẹ́ ní wọ́ọ̀dù lè ti ṣe àyẹ̀wò nígbà mẹ́rin, èsì àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa kà. Ká ní ó wá ku èèyàn 120.

Ìgbésẹ̀ kejì ni láti wo oògùn kọ̀ọ̀kan. Ká ní sipirofilọ́sáásíìnì pa kòkòrò ti èèyàn 48 nínú wọn, ìyẹn 40 nínú 100. Nitirofurantóìnì pa ti èèyàn 108, ìyẹn 90 nínú 100.

Ìgbésẹ̀ kẹta wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó lílo oògùn apakòkòrò: dókítà, apòògùn, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Òdiwọ̀n kan tí ọ̀pọ̀ ń lò fún àrùn ilé ìtọ̀ ni pé bí kòkòrò tó ń borí oògùn kan bá ti ju 20 lọ nínú 100, kí wọ́n má fi oògùn náà ṣe àbá àkọ́kọ́ mọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, sipirofilọ́sáásíìnì ti jáde nìyẹn.

Àmọ́ ìṣirò nìkan kò tó. Inú ilé ìtọ̀ ni nitirofurantóìnì ti ń ṣiṣẹ́, kì í pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú kíndìnrín. Màmá tí ìtọ̀ ń ta lásán lè lò ó. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn, tí otútù sì ń mú, nílò oògùn mìíràn. Ìdí nìyí tí ìlànà fi máa ń ní ìlà méjì fún ohun tó dà bí àìsàn kan ṣoṣo.

Ibi tí iye náà ti lè tan èèyàn jẹ

Bí kòkòrò tí wọ́n kà kò bá tó 30, kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gbé ìlànà kà. Èèyàn méjì péré lè yí èsì náà padà pátápátá.

Èyí tó tún le jù ni ti àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò. Níbi tí aláìsàn bá ti ń sanwó àyẹ̀wò lápò ara rẹ̀, ẹni tí oògùn àkọ́kọ́ àti ìkejì kò ràn ni wọ́n sábà máa ń ní kó ṣe é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kún fún kòkòrò tó lágbára. Àkọsílẹ̀ náà á wá jọ pé gbogbo Adabraka ti bàjẹ́, dókítà á sì máa fi abẹ́rẹ́ tó le jù tọ́jú ẹni tí oògùn lásán ì bá wò sàn. Ìdí kan náà ló fi yẹ ká ṣọ́ra bí a bá ń fi ìwádìí ọdún 2011 wé ti 2015, nítorí pé kì í ṣe àwọn aláìsàn kan náà ni.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀: kí wọ́n ya èsì àwọn tó ti ilé wá sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn tó ti wà ní wọ́ọ̀dù. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀ láàárín méjèèjì, kò yẹ kí ìlànà kan ṣoṣo wà fún wọn.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́

Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà kò parí síbi àbá. Láàárín wákàtí 48 sí 72, tí èsì bá dé, ó yẹ kí ẹnì kan padà wo ìwé aláìsàn: ṣé kí wọ́n dá oògùn dúró, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, àbí kí wọ́n yí abẹ́rẹ́ padà sí oníhóró?

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti pín àwọn oògùn náà sí ìsọ̀rí mẹ́ta láti ọdún 2017: èyí tó yẹ kó wà nítòsí fún gbogbo èèyàn, bíi amọsisílíìnì, èyí tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ lò, bíi sẹfitiráásónì, àti èyí tó yẹ kí wọ́n fi pamọ́ di ìgbà tí gbogbo nǹkan bá ti kùnà, bíi kolisitíìnì. Lọ́dún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè pé tó bá fi máa di 2030, ó kéré tán 70 nínú 100 oògùn apakòkòrò táwọn èèyàn ń lò káàkiri àgbáyé gbọ́dọ̀ wá láti ìsọ̀rí àkọ́kọ́.

Ghana ti gbé ìlànà orílẹ̀-èdè rẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2018. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ dá lórí ìgò kékeré kan. Bí wọ́n bá fún aláìsàn ní oògùn kí wọ́n tó gba ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kòkòrò náà lè má hù ní yàrá àyẹ̀wò mọ́. Ẹni náà kò ní mọ oògùn tó kàn, aláìsàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní rí nǹkan kọ́ lára rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́ apakòkòrò ní ilé ìwòsàn, ẹ lè béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gba àpẹẹrẹ ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá le gan-an, ẹ má jẹ́ kí àyẹ̀wò dá ìtọ́jú dúró.