Ológbò Dúdú-òun-Pupa: Ìdí Tí Ó Fi Sábà Máa Ń Jẹ́ Abo

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2001, wọ́n bí ọmọ ológbò kan ní Yunifásítì Texas A&M ní Amẹ́ríkà. Akọ kankan kò gun ìyá rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ni àwọn onímọ̀ mú lára abo ológbò kan tó ń jẹ́ Rainbow, wọ́n fi ohun àjogúnbá inú rẹ̀ rọ́pò ti inú ẹyin ológbò mìíràn, wọ́n sì gbé e sínú abo kẹta tó bá wọn gbé oyún náà dé ọjọ́ ìbí. CC ni wọ́n sọ ọmọ náà. Òun ni ológbò àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lọ́nà bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ọ̀dọ̀ Rainbow ni àjogúnbá rẹ̀ ti wá lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò ní gbà pé wọ́n tan. Rainbow ní funfun, dúdú àti pupa lára. Funfun àti dúdú abilà ni CC ní. Pupa kò sí lára rẹ̀ rárá.

Pupa tí mo ń wí yìí ni àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ ológbò ọjà àti ti àgbàlá wa. Ẹni tó bá mọ ibi tí pupa Rainbow wọlẹ̀ sí ti mọ ìdí tí ológbò dúdú-òun-pupa, èyí tí àwọn òyìnbó ń fi wé ẹ̀yìn ìjàpá, fi ń jẹ́ abo.

Èròjà àwọ̀ méjì péré ni ara ológbò ń ṣe sínú irun: dúdú àti pupa. Funfun kì í ṣe ẹ̀kẹta wọn. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀ kò bá dé ni irun ti ń funfun. Ohun tó ń sọ irun di pupa wà lórí kírómósóómù X, ọ̀kan lára àwọn fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ru ohun àjogúnbá. Abo ní X méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Akọ ní X kan ṣoṣo, tó gbà lọ́wọ́ ìyá, pẹ̀lú Y tó gbà lọ́wọ́ bàbá. Lórí Y, kò sí ọ̀rọ̀ pupa níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú akọ pupa kan àti abo dúdú kan. Gbogbo ọmọ akọ tí wọ́n bá bí yóò dúdú, nítorí X ìyá nìkan ló wà lára wọn. Gbogbo ọmọ abo yóò gba X pupa lọ́wọ́ bàbá àti X dúdú lọ́wọ́ ìyá, wọn yóò sì jẹ́ dúdú-òun-pupa. Bó bá jẹ́ pé ìyá ló pupa tí bàbá sì dúdú, àwọn akọ yóò jẹ́ pupa bí ìyá wọn, àwọn abo yóò tún jẹ́ dúdú-òun-pupa. Nítorí náà, ẹni tó rí ọmọ akọ pupa lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó wá ń fẹ̀sùn kan ológbò pupa aládùúgbò, ẹlòmíràn ló yẹ kó bi léèrè. Ìyá ọmọ ni kó wò. Bí ìyá bá dúdú, kó tú irun rẹ̀ wò dáadáa, torí àmì pupa kan lè wà ní ìka ẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ àgbọ̀n tí ojú kò tètè rí. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ń fún lọ́mú. Abo ológbò a máa bá ara wọn tọ́ ọmọ.

Ìdí kan náà ló fà á tí ológbò pupa fi sábà máa ń jẹ́ akọ. Ká ní ní ìlú kan, ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo X tó wà lára ológbò ló jẹ́ pupa. Nínú akọ 16, mẹ́rin yóò jẹ́ pupa, nítorí X pupa kan ti tó akọ. Abo ní láti rí méjì kó tó lè pupa látòkè délẹ̀, nítorí náà ẹyọ kan péré ni yóò pupa nínú abo 16. Mẹ́fà nínú àwọn abo tó kù yóò gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì di aláwọ̀ méjì.

Ó wá ku ìbéèrè tó le jù. Bí abo bá ní X pupa àti X dúdú pọ̀, kí ló dé tí àwọ̀ méjèèjì kò pò pọ̀ di ẹyọ kan, tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n pín ara láàárín ara wọn? Ní 1949, ní Kánádà, Murray Barr àti Ewart Bertram rí àmì dúdú kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì abo ológbò tí wọ́n fi maikirosikóòpù wò, wọn kò sì rí i nínú ti akọ. Ní 1961, Mary Lyon, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi eku ṣèwádìí, ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀: nínú sẹ́ẹ̀lì abo, X kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Èkejì ti di kíká bí aṣọ tí a kì sí ìsàlẹ̀ àpótí. Àmì dúdú tí Barr rí nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ ṣì kéré gan-an nínú oyún ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti ń yan X tí yóò pa lẹ́nu mọ́. Kò sí ẹni tó ń darí wọn. Ọ̀kan lè pa X pupa mọ́, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa X dúdú mọ́. Àmọ́ bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti yàn, gbogbo àwọn tó bá ti ara rẹ̀ jáde kò ní yí ìpinnu náà padà. Lẹ́yìn náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ máa ń gbéra láti òkè ẹ̀yìn, tí wọ́n á máa pọ̀ sí i, tí wọ́n á máa ṣí lọ sí ìhà ikùn àti ẹsẹ̀. Ibi tí ọmọ pupa bá tẹ̀dó sí, irun ibẹ̀ á pupa. Ibi tí ti dúdú bá tẹ̀dó sí, á dúdú. Lára ológbò tí kò ní funfun, àwọn méjèèjì máa ń wọnú ara wọn gan-an, àwọ̀ náà á rí wínniwìnni. Lára èyí tó ní funfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rìnrìn àjò kò pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí àyè gbilẹ̀, ìdí nìyẹn tí pupa àti dúdú fi ń wà ní ojú ńlá ńlá tó dá yàtọ̀. Ẹ sún mọ́ ojú pupa náà dáadáa: ẹ óò rí ilà nínú rẹ̀, bí dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń dán láìní ilà kankan. Pupa ológbò kì í lè bo ilà rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bọ́rọ̀ CC ṣe jẹ́ nìyí. Sẹ́ẹ̀lì Rainbow tí wọ́n mú ti yàn tipẹ́, X pupa ló sì pa mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe sí i kò jí X náà padà. X dúdú nìkan ló wá ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ara CC, títí ó fi kú ní 2020. Ẹni tó bá sanwó kí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ológbò rẹ̀ tó ti kú dá òmíràn, kó má retí àwọ̀ kan náà bó bá jẹ́ dúdú-òun-pupa ni.

Ó ti pẹ́ kí Lyon tó dé tí a ti mọ̀ pé orí X ni pupa wà, ṣùgbọ́n ojú ibi tó wà gan-an ṣòro láti rí. Ní 2025 ni àwọn olùwádìí Stanford ní Amẹ́ríkà àti ti Kyushu ní Japan tẹ àbájáde wọn jáde, tí wọ́n sì bá ara wọn mu. Lára X pupa, nǹkan bí 5,000 lẹ́tà àjogúnbá ti já dànù nítòsí jíìnì kan tó ń jẹ́ ARHGAP36. Jíìnì náà kò yẹ kó máa ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀. Bí ohun tó ń dá a dúró ti lọ, ó jí, ó sì dí iṣẹ́ dúdú lọ́wọ́, pupa ló wá kù.

Akọ dúdú-òun-pupa kò ṣàìsí. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú 3,000 ológbò aláwọ̀ yìí ni wọ́n máa ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí pẹ̀lú X méjì àti Y kan, nítorí náà wọ́n ń yan X bí abo, wọ́n sì jẹ́ akọ nítorí Y. Àwọn awakọ̀ òkun Japan gbà pé ó ń mú oríire wá. Nígbà tí àwọn ará Japan lọ sí Antákítíkà ní 1956, wọ́n mú ọ̀kan dání, Takeshi ni wọ́n pè é. Oríire rẹ̀ kò kan ọmọ bíbí o, torí X tó lé náà sábà máa ń sọ wọ́n di àgàn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta irú akọ bẹ́ẹ̀ fún yín lówó iyebíye pé kí ẹ fi gba irú, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ẹ má sì tíì sanwó.